Ká máa yọ máàkì fún àṣìṣe, àbí ká fi "kò sí ìkankan tó tọ̀nà" sí D? Ìfiwéra fún olùkọ́ tó fẹ́ ṣe ìbéèrè

Bí ìparí táàmù bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn olùkọ́ jókòó láti ṣe ìbéèrè ọbujẹ́tíìfù, ẹjọ́ kan wà tí a máa ń rò ní yàrá olùkọ́, yálà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé: àwọn ọmọ ń méfò. Ọmọ tí kò ṣí ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù á kàn máa mú A, B, C tàbí D bó ṣe wù ú, á sì gba máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Olùkọ́ kan á ní ká máa yọ máàkì fún gbogbo ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Òmíràn á ní rárá, ká kúkú fi "kò sí ìkankan tó tọ̀nà" sí D, kí wọ́n lè ronú.

Ohun kan náà làwọn méjèèjì fẹ́ mú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa lára kì í ṣe ẹnì kan náà, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọmọ tó ń méfò gan-an. Èyí ló mú kí n fi wọ́n síra wọn níbí. Èrò tèmi rèé kí n tó bẹ̀rẹ̀: fún ìdánwò inú kíláàsì àti ti ìparí táàmù, mi ò ní lo yíyọ máàkì rárá. "Kò sí ìkankan" ní àyè tirẹ̀ nínú ìṣirò, àyè náà sì kéré. Kí a pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé ìbéèrè kan ló burú jù.

Yíyọ máàkì: ọmọ méjì tí ìmọ̀ wọn dọ́gba

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò oníbéèrè 40, tí ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ká ní Fúnmi àti Dàpọ̀ jọ fẹ́ ṣe é, ohun tí wọ́n mọ̀ sì dọ́gba pátápátá. Ìbéèrè 20 wà tí àwọn méjèèjì mọ̀ dájú. Ìbéèrè 12 wà tí wọ́n mọ̀ dé ìdajì: wọ́n lè fagi lé ìdáhùn méjì pé kò lè jẹ́ èyí, ṣùgbọ́n méjì tó kù rú wọn lójú. Ìbéèrè 8 tó kẹ́yìn kò yé wọn rárá. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni pé Dàpọ̀ láyà, Fúnmi sì jẹ́ ọmọ tí kì í sọ ohun tí kò dá a lójú.

Bí kò bá sí yíyọ máàkì, tí olùkọ́ sì sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀, àwọn méjèèjì á dáhùn gbogbo rẹ̀. Nínú 12 tí wọ́n mọ̀ dé ìdajì, wọ́n á gba nǹkan bí 6. Nínú 8 tí wọn ò mọ̀, wọ́n á gba nǹkan bí 2. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28. Ní ọjọ́ ìdánwò gan-an ó lè fi ẹyọ kan tàbí méjì lé tàbí dín, àmọ́ ibẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́.

Wàyí o, ká ní olùkọ́ fẹ́ yọ máàkì. Iye tí ìṣirò fọwọ́ sí fún ìdáhùn mẹ́rin ni ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé ẹni tó bá fi ojú dídì méfò nínú ìbéèrè mẹ́rin á gba ọ̀kan, á sì kùnà mẹ́ta. Ìdámẹ́ta lọ́nà mẹ́ta á jẹ ẹyọ kan tó gbà, kò ní jèrè, kò sì ní pàdánù. Bí ìdáhùn bá jẹ́ márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́rin là ń yọ.

Dàpọ̀ ṣì dáhùn gbogbo rẹ̀. Nínú 12, ó gba 6, ó kùnà 6, a yọ 2, ó ku 4. Nínú 8, ó gba 2, ó kùnà 6, a yọ 2, kò ku nǹkan kan. Ó ní 24. Fúnmi ti gbọ́ pé wọ́n á yọ máàkì. Ó fi gbogbo èyí tí kò dá a lójú sílẹ̀ lófìfo. Ó ní 20.

Ọ̀nà kẹta kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn nítorí pé ó rọrùn láti ṣírò: àṣìṣe kan pa ìdáhùn kan. Gbogbo rẹ̀ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Bí a ṣe ń fún máàkì | Dàpọ̀ | Fúnmi |
|---|---|---|
| A kì í yọ nǹkan, kò sí òfìfo | 28 (70%) | 28 (70%) |
| A ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta | 24 (60%) | 20 (50%) |
| Àṣìṣe kan pa ìdáhùn kan | 16 (40%) | 20 (50%) |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Àwọn ọmọ méjì tí ìmọ̀ wọn kò fi nǹkan kan yàtọ̀ ti fi máàkì mẹ́rin jìnnà síra, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìwà wọn nìkan ló sì fà á. Ìwé ìbéèrè tó yẹ kó wọn ìmọ̀ báyọ́lọ́jì ti ń wọn àyà. Nínú ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ẹni tó láyà ló jìyà, ohun tí wọ́n mọ̀ dé ìdajì kò sì jẹ́ nǹkan kan mọ́. Èmi ò gbà pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ọmọ tó lè fagi lé méjì nínú mẹ́rin ti kọ́ ohun kan tí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kò kọ́, ó sì yẹ kí máàkì fi ìyẹn hàn.

Ọ̀rọ̀ òfìfo yìí kì í ṣe àròsọ. Ní orílẹ̀-èdè Ṣílè, wọ́n ń yọ máàkì tẹ́lẹ̀ nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì, wọ́n sì fòpin sí i ní 2015. Katherine Coffman àti David Klinowski yẹ ìyípadà náà wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020. Ṣáájú àkókò yẹn, àwọn obìnrin máa ń fi ìbéèrè tó pọ̀ ju ti àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí yíyọ máàkì kúrò, nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo yẹn ló pòórá. Ìdánwò SAT ti Amẹ́ríkà náà máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní oṣù kẹta 2016 láìsí yíyọ mọ́.

Nílé wa níbí, ohun mìíràn tún kún un. JAMB kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Láti kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá wá dá yíyọ máàkì sílẹ̀ lójijì nínú ìdánwò kan ṣoṣo, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí olùkọ́ lẹ́sìnnì ti ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó ṣe é á jàǹfààní. Ọmọ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á pàdánù. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń yọ ẹyọ kan nínú mẹ́rin ní àwọn ìdánwò ńlá ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣègùn, ó ti di ohun tí àwọn ọmọ ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ra fún. A ò ní irú ìgbaradì yẹn níbí.

Ǹjẹ́ ìméfò tiẹ̀ tó ohun tí à ń bẹ̀rù?

Ìṣirò lè dáhùn èyí. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan rárá, tó fi ojú dídì méfò gbogbo ìbéèrè 40, á gba nǹkan bí 10. Kó tó lè gba 20, kó wá yege pẹ̀lú ìdá àádọ́ta, àǹfààní rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ 10 péré, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á yege ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìdánwò kúkúrú ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìméfò. Ẹni tí ìméfò bá ń bí nínú, kó fi ìbéèrè kún ìbéèrè. Ìyẹn á tì í mọ́ ìta láìfi ọwọ́ kan Fúnmi.

"Kò sí ìkankan tó tọ̀nà": kí ni ọmọ fi hàn tó bá mú un?

Ẹ wo ìbéèrè yìí, tí ọmọ Èkìtì kankan kò yẹ kó ṣì:

Ọdún wo ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀?
A. 1976
B. 1987
C. 1991
D. Kò sí ìkankan tó tọ̀nà

D ni ìdáhùn, nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni. Olùkọ́ tó ṣe é gbọ́n lójú ara rẹ̀: 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a ti yọ Èkìtì, sílẹ̀, 1991 sì ni ti Ọ̀ṣun. Àmọ́ ọmọ tó rò pé 1999 ni, nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, á wo A, B, C, kò ní rí 1999, á mú D, á sì gba máàkì kíkún. Ọmọ tó mọ 1996 gba ẹyọ kan, ọmọ tó ní 1999 lórí náà gba ẹyọ kan. Máàkì yẹn kò sọ ohunkóhun fún olùkọ́. Ó tún wá kù síbì kan: gbogbo kíláàsì jáde láìfojú kan 1996. Ọmọ tó ní 1999 lórí gba ilé lọ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì rò pé wọ́n ti fọwọ́ sí i fún òun.

Ìyẹn ni ìgbà tí D bá jẹ́ ìdáhùn. Ìgbà tí D kò bá jẹ́ ìdáhùn ló tún léwu jù, torí pé àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ló ń mú. Ìbéèrè ìṣirò kan rèé:

Rédíọ́ọ̀sì àyíká kan jẹ́ 7 cm. Kí ni ààyè inú rẹ̀ ní cm²?
A. 44
B. 49
C. 154
D. Kò sí ìkankan tó tọ̀nà

Olùkọ́ fi 22/7 ṣe é, ó ní 154, ó sì fi C sí ìwé ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ kan tí a ti kọ́ láti lo 3.142 ṣe tirẹ̀: 3.142 × 49 = 153.958. Bí D bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ká ní 308, á wo àwọn ìdáhùn, á rí i pé 154 ló sún mọ́ tòun pẹ́kípẹ́kí, á sì mú un. Àmọ́ "kò sí ìkankan tó tọ̀nà" wà níbẹ̀, ó ń pè é. Ọmọ tó fara balẹ̀ tó sì gbà pé 153.958 kì í ṣe 154 á mú D, á sì kùnà. Ọmọ tó kàn rántí pé olùkọ́ máa ń lo 22/7 á gbà á. Ẹni tó ṣe nǹkan dáadáa ló jìyà níbẹ̀, ẹ̀bi ìbéèrè sì ni. Bí a bá kọ "lo π = 22/7" sínú ìbéèrè, gbogbo wàhálà yìí á tán.

Irú ìyà kan náà wà nínú ìbéèrè tó ń bèèrè èyí "tó dára jù." Bí a bá béèrè ohun tó dára jù láti dín ọ̀gbàrá kù lórí oko tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bí irú èyí tó wà ní Ẹ̀fọ̀n, tí a sì fi kíkọ ebè ní ìdábùú òkè sí B, B lè dára jù nínú mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí "kò sí ìkankan" bá ti wọ̀ ọ́, ọmọ tó ronú jinlẹ̀ lè sọ pé gbígbin igi tàbí kíkọ́ ilẹ̀ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn ló dára ju gbogbo wọn lọ. Kò parọ́. Ìdáhùn "tó dára jù" ní láti wà láàárín àwọn tí a tò, òun àti "kò sí ìkankan" kò sì lè jọ gbé inú ìbéèrè kan.

Àyè tí mo ní ó ní rèé:

48 × 27 = ?
A. 1196
B. 1286
C. 1306
D. Kò sí ìkankan tó tọ̀nà

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, 1296, kò sí ìyàtọ̀ ọ̀nà ìṣirò tó lè yí i padà. Mẹ́fà ni gbogbo nọ́ńbà náà parí sí, wọ́n sì sún mọ́ra, nítorí náà ọmọ kò lè fi nọ́ńbà ìkẹyìn tàbí ìdíwọ̀n ojú mú un. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò náà. Nínú irú ìbéèrè yìí, "kò sí ìkankan" ń gba ohun tí ìdáhùn lásán máa ń tú síta lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú ohun tí à ń wò yìí ló tọ̀nà dandan. Síbẹ̀, ọmọ tó ṣì í tó ní 1396 náà á mú D, á sì gbà á, nítorí náà ẹ má ṣe é pọ̀.

Bí ẹ bá sì máa lò ó, ẹ jẹ́ kó tọ̀nà nígbà míì. Bí ó bá wà nínú ìbéèrè 12, kó jẹ́ ìdáhùn nínú bíi mẹ́ta. Àwọn ọmọ wa kì í pẹ́ mọ ìwà olùkọ́. Bí D bá jẹ́ ohun àfikún lásán ní gbogbo ìgbà, wọn ò ní wò ó mọ́. Bí olùkọ́ bá jẹ́ ẹni tó ń fi sí i kìkì ìgbà tó bá jẹ́ ìdáhùn, wọ́n á máa mú un láìka ìbéèrè.

Nígbà tí méjèèjì bá pàdé

Ẹ padà sí ìbéèrè 12 tí Fúnmi àti Dàpọ̀ mọ̀ dé ìdajì. Nínú ìbéèrè lásán, ohun tí ọmọ fagi lé ń ràn án lọ́wọ́: bó bá pa mẹ́ta, ìkẹrin ni. Fi "kò sí ìkankan" sí D, ìlànà yẹn sì bàjẹ́. Ó pa A, ó pa B, ó ku C àti D, àmọ́ kò sí ohun tó mọ̀ tó lè sọ fún un bóyá C tọ̀nà. Kó tó lè fagi lé D, ó gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ dájú. Ìmọ̀ ìdajì rẹ̀ ti dín kù nínú agbára. Lórí èyí la tún wá gbé yíyọ máàkì lé. Fúnmi á fi púpọ̀ sí i sílẹ̀ lófìfo. Ohun tó kù fún Dàpọ̀ ni kó máa ro ohun tó wà lọ́kàn olùkọ́: ṣé wọ́n fẹ́ràn D?

Ọmọ tó lo 3.142 náà kò mórí bọ́. Ká ní irú ìbéèrè àyíká yẹn jẹ́ mẹ́ta nínú ìwé náà. Ó ti pàdánù máàkì mẹ́ta tó yẹ kó gbà, a tún wá yọ ìdámẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ẹyọ kan. Máàkì mẹ́rin nínú 40 ló lọ lọ́wọ́ ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, fi ẹyọ kan sàn jù ú lọ níbẹ̀.

Èwo ni ká mú, fún ìdánwò wo?

Fún ìdánwò ìparí táàmù, ẹ máa ka èyí tó tọ̀nà nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí orí ìwé pé: "A kì í yọ máàkì. Dáhùn gbogbo ìbéèrè." Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì, torí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, Fúnmi ṣì lè fi òfìfo sílẹ̀, àlàfo á sì padà. Fún ìdánwò kúkúrú ti ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ má fi ọbujẹ́tíìfù ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìméfò á sì di ohun tó ṣòro láìsí ìyọkúrò kankan.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí olùkọ́ bá fi "kò sí ìkankan" sí D, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò rí ìdáhùn kẹrin tó ní láárí. Ẹ fi í sílẹ̀ ní mẹ́ta. Ní 2005, Michael Rodriguez kó ìwádìí ọgọ́rin ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, ohun tó rí ni pé ìdáhùn mẹ́ta tó ní láárí tó fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ohun tí ẹ máa fi san ni pé ìméfò á rọrùn díẹ̀ sí i: nínú ìbéèrè 40 oní-ìdáhùn mẹ́ta, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan á yege ní nǹkan bí ìgbà méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kì í pẹ́ ka ìdáhùn mẹ́ta bí i mẹ́rin, nítorí náà ẹ lè fi ìbéèrè kún un láàárín àkókò kan náà.

Bí ilé-ìwé bá pàṣẹ yíyọ máàkì dandan, ẹ má kọjá ìdámẹ́ta fún ìdáhùn mẹ́rin, ẹ yọ "kò sí ìkankan" kúrò pátá, kí ẹ sì fi ìdánwò àpẹẹrẹ kọ́ àwọn ọmọ ṣáájú. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti lè fagi lé ìdáhùn kan ṣoṣo, kó dáhùn. Ìṣirò wà lẹ́yìn rẹ̀: nínú ìbéèrè mẹ́ta irú bẹ́ẹ̀ á gba ọ̀kan, á kùnà méjì, a ó yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó ṣì jèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún wọn ní máàkì, ẹ má tíì kó ìwé wọn dànù. Níbi tí ẹ bá ti yọ máàkì, ẹ ka òfìfo ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ kan náà, pàápàá àwọn tó máa ń ṣe dáadáa tí a bá bi wọ́n léèrè lójú, ni òfìfo pọ̀ sí lọ́wọ́, àyà lẹ ti ń wọ̀n. Níbi tí "kò sí ìkankan" bá wà, ẹ mú ìwé àwọn ọmọ mẹ́wàá tó gba máàkì jù, kí ẹ wo ìbéèrè tí D kì í ṣe ìdáhùn níbẹ̀. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn bá mú D lórí ìbéèrè kan, ẹ pè wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín. Bí ìdí wọn bá mọ́gbọ́n wá, bíi ti 3.142, ẹ fún gbogbo ẹni tó mú C tàbí D ní máàkì ìbéèrè náà, kí ẹ sì tún ìbéèrè náà kọ kó tó wọ inú ìwé ìbéèrè tí ẹ ń tọ́jú fún ọdún tó ń bọ̀.